Kọ́nsítáǹtì méjì, òkúta mẹ́ta: bí a ṣe fi asẹlẹréṣọ̀n wá ibi tí nǹkan wà

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé Fọ́dà Mátíìsì rẹ̀ wá bá mi nílé ní Másífà, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti ṣe ìbéèrè kan tán. Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé jẹ́ 9, tirẹ̀ jẹ́ −9. Ó rò pé àmì ìyọkúrò kan ni òun gbé sọnù níbì kan, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ àkókò wá a láàárín ìlà iṣẹ́ rẹ̀, kò rí i.

Ó ní, "Àǹtí, mo dífáréńṣíéètì rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni mo ti ṣì í?"

Mo wo iṣẹ́ náà, mo rí i pé òótọ́ ló sọ, kò sí àmì tó sọnù. Ohun tó ṣì jẹ́ nǹkan tí àyẹ̀wò tí gbogbo wa máa ń ṣe kò lè mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ bí a ṣe yanjú rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè náà rèé. Nǹkan kan ń rìn lórí ìlà tó tọ́ gbọọrọ. Ibi tó wà, tí a pè ní s, ni a ń wọ̀n ní mítà láti ojú àmì kan tó ń jẹ́ O. Àkókò, t, jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá. Asẹlẹréṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn iye tí eré rẹ̀ fi ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni:

a = 6t − 12

Wọ́n sọ pé nígbà tí t = 1, nǹkan náà dúró, eré rẹ̀ jẹ́ òdo. Wọ́n tún sọ pé nígbà tí t = 2, ó wà ní mítà 7 sí O. Ibo ló wà nígbà tí t = 4? Mítà mélòó ló sì rìn lápapọ̀ láti t = 0 títí di t = 4?

Èmi a máa ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti ìdí wá. Asẹlẹréṣọ̀n kò sọ eré fún wa, bí eré ṣe ń yí padà ló ń sọ. Bí mo bá sọ fún ọ pé oní-Márúwá kan fi mítà 2 kún eré rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, o kò tíì mọ̀ bóyá ìdúró ló ti gbéra tàbí ó ti ń sáré bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí asẹlẹréṣọ̀n kò mọ̀ yẹn ni kọ́nsítáǹtì àkọ́kọ́ wà fún. Mo íńtígíréètì lẹ́ẹ̀kan láti rí eré, tí a pè ní v, mo sì pe kọ́nsítáǹtì náà ní C:

v = 3t² − 12t + C

Nígbà tí t = 1, v gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Mo fi 1 sí ipò t: 3 − 12 + C = 0. Nítorí náà C = 9.

Ibí yìí gan-an ni ọmọ náà ti yà kúrò lọ́nà. Ó kọ C = 0. Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní, "Wọ́n ní ó dúró, mà. Bó bá dúró, eré ò sí, C náà ò sí nìyẹn."

Mo mọ ibi tí ó ti rí ìyẹn. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ní kíláàsì, nǹkan máa ń gbéra láti ìdúró, àkókò tó gbéra sì máa ń jẹ́ t = 0. Bí t bá jẹ́ 0, 3t² pa rẹ́, 12t pa rẹ́, C nìkan ló ṣẹ́ kù, òun sì ni eré ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n t = 1 ni wọ́n fún wa níbí. Ní ìgbà yẹn 3t² − 12t ti di −9, C gbọ́dọ̀ jẹ́ 9 kí àpapọ̀ wọn tó lè di òdo. Dídúró jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa v lódindi, kì í ṣe nípa C nìkan. Kódà t = 0 fúnra rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo sọ C di eré ìbẹ̀rẹ̀. Bí asẹlẹréṣọ̀n bá jẹ́ sin t, v á jẹ́ −cos t + C, ẹni tó gbéra láti ìdúró á sì ní C = 1. Nítorí náà, ohun tí mo ní kó máa ṣe ni kó fi àkókò tí wọ́n fún un sí inú gbogbo ìlà náà, kó má ṣe fi ojú ṣírò rẹ̀.

Mo wá íńtígíréètì lẹ́ẹ̀kejì láti rí s, pẹ̀lú C tí a ti rí, mo sì pe kọ́nsítáǹtì kejì ní D:

s = t³ − 6t² + 9t + D

Nígbà tí t = 2, s jẹ́ 7. Ìyẹn ni 8 − 24 + 18 + D = 7, D sì jẹ́ 5. Nígbà tí t = 4, s = 64 − 96 + 36 + 5 = 9. Ó bá ti ẹ̀yìn ìwé mu.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí C. Lórí ìlà eré, nọ́ńbà kan tó dúró lójú kan ni. Nígbà tó dé orí ìlà s, ó ti di 9t, ó ń dàgbà bí àkókò ti ń lọ. Ẹni tó bá ṣi D, gbogbo ibi tó bá ṣírò yóò yẹ̀ ní iye kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá ṣi C, àṣìṣe rẹ̀ á máa yí padà pẹ̀lú àkókò. Èyí ló sì fa ohun àràmàǹdà tó wà nínú iṣẹ́ ọmọ yìí.

Pẹ̀lú C = 0, ó ní s = t³ − 6t² + D. Ó fi t = 2 sí i: 8 − 24 + D = 7, D = 23. Ní t = 4, ó rí 64 − 96 + 23, ìyẹn −9. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bó ti ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá dífáréńṣíéètì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 6t − 12 ló jáde, ó tọ̀nà. Bí a bá fi t = 2 sí i, 7 ló jáde, ó tọ̀nà. Kò sí bí ara ò ṣe ní balẹ̀. Mo ní kó yọ ìlà tirẹ̀ kúrò nínú èyí tó tọ̀nà, ohun tó ṣẹ́ kù ni 9t − 18. Ní t = 2, òdo ni. Ibi kan ṣoṣo tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni ibi tó ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò! Ní t = 4, wọ́n ti fi mítà 18 jìnnà síra, ní t = 0 náà mítà 18 ni, ní ìhà kejì. Pé ó rí −9 tí ìwé rí 9 kàn jẹ́ kòńgẹ́ ni, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àmì.

Àyẹ̀wò tó kù ni èyí tí kò ṣe: fi t = 1 sí eré. Tirẹ̀ fún un ní 3 − 12 = −9, nígbà tí ìbéèrè ní nǹkan náà dúró. Dídífáréńṣíéètì kò lè tú irú àṣìṣe yìí síta láéláé, torí pé kọ́nsítáǹtì ni nǹkan àkọ́kọ́ tó ń pa rẹ́. Gbólóhùn méjì ni ìbéèrè fi fún wa ní C àti D, gbólóhùn méjèèjì la gbọ́dọ̀ padà lọ bá.

Ìdá kejì ìbéèrè náà, mítà mélòó ló rìn, kò yé e lórí ìwé, a bá jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá rẹ̀ tó ń ta èlùbọ́ ti lọ sí ọjà, ilẹ̀ ibi tó máa ń sá èlùbọ́ sí ṣófo. A fi etí kànga ṣe O, a na téèpù, a gbé òkúta sí mítà 5, mítà 7 àti mítà 9. Mo ní kó ṣírò s ní t = 0, 1, 2, 3, 4. Ó rí 5, 9, 7, 5, 9. Mo wá ń ka iye, díẹ̀díẹ̀, òun sì ń rìn láti òkúta dé òkúta.

Ó gbéra ní 5, ó dé 9, ó yí padà. Ó gba 7 kọjá, ó dé 5, ó tún yí padà sí 9. Nígbà tó dúró, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Mítà 4 ni mo fi jìnnà síbi tí mo ti gbéra, ṣùgbọ́n mítà 12 ni mo rìn." Òun ni. Ibi tó ti yí padà kì í ṣe ohun tí a ń fojú dá: v = 3t² − 12t + 9 jẹ́ 3(t − 1)(t − 3), ó di òdo ní t = 1 àti t = 3. A ń pín ìrìn sí ibi tí eré ti di òdo tí àmì rẹ̀ sì yí padà, a ó wọn ìpín kọ̀ọ̀kan, a ó sì ro wọ́n pọ̀: 4 + 4 + 4. Ẹni tó bá kàn yọ 5 kúrò nínú 9 ti pàdánù mítà 8.

Ó rò pé ní t = 2 ni òun yẹ kó dúró, torí pé níbẹ̀ ni asẹlẹréṣọ̀n jẹ́ òdo. Mo ní kó ṣírò eré ibẹ̀. Ó rí −3. Ńṣe ló ń padà sí ìhà kànga nígbà yẹn, ìgbà yẹn gan-an sì ni eré ìpadàbọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé bí wọn kò bá fúnni ní eré rárá ńkọ́. Mo ní ibi méjì ní àkókò méjì náà tó. Ká ní wọ́n sọ pé s = 5 ní t = 0 àti s = 7 ní t = 2: èkíní fún wa ní D = 5, èkejì fún wa ní 8 − 24 + 2C + 5 = 7, C sì tún jẹ́ 9. Ṣùgbọ́n eré ní àkókò méjì kò lè rọ́pò ibi. Bí wọ́n bá sọ pé ó dúró ní t = 1 àti ní t = 3, C = 9 kan náà ni méjèèjì ń sọ, D ò sì lè jáde. Ó dà bí ẹni tó sọ pé òun ti wakọ̀ ogún kìlómítà lójú ọ̀nà Ìlọrin. Bí kò bá sọ bóyá Tákìè ló ti gbéra tàbí Ọ̀yọ́, o mọ bó ti rìn tó, o kò mọ ibi tó wà.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e nínú ìwé rẹ̀ ní a = −4s. Ó ti kọ v = −4st + C sílẹ̀. Mo ní kó dúró, torí s fúnra rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú àkókò, a kò sì tíì mọ bó ṣe ń yí, nítorí náà a kò lè ṣe é bíi nọ́ńbà lásán kí a fi t íńtígíréètì. Mo fi hàn án pé a lè kọ a bíi v dv/ds, kí a fi s íńtígíréètì dípò t. Ó kọ ½v² = −2s², ó gbé bírò sókè, ó sì fi + C kún un kí n tó la ẹnu.