Ìdí Tí Àkàrà Fi Ń Ki Tó sì Ń Mu Epo, àti Bí A Ṣe Ń Pò Ó Kó Lè Wú

Kí ẹ tó gbé epo kaná, ẹ bu ẹ̀wà lílọ̀ bíi ṣíbí kékeré kan, kí ẹ jẹ́ kó já sínú ife omi tútù. Bó bá léfòó, ó ti ṣe é dín. Bó bá rì lọ sísàlẹ̀, àkàrà yẹn máa ki, kò sì sí ohun tí iná lè ṣe sí i.

Ẹ̀wà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ wúwo ju omi lọ. Afẹ́fẹ́ nìkan ló lè gbé e léfòó, a kì í sì í fi ìwúkàrà sínú àkàrà bíi ti búrẹ́dì, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ń pò ó ni afẹ́fẹ́ náà ti ń wá. Bí a ṣe ń pò ó, purotéènì inú ẹ̀wà máa ń fi awọ tín-ín-rín bo afẹ́fẹ́ tó wọlé, kò ní jẹ́ kó jáde. Nínú epo gbígbóná, afẹ́fẹ́ yẹn á fẹ̀, awọ náà á gan, inú àkàrà á sì ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn. Èyí tí a kò pò máa ń dì gbagidi. Ooru kì í tètè dé àárín rẹ̀, ẹ̀yìn á ti pọ́n nígbà tí inú ṣì tutù, ni a bá tún fi í sílẹ̀ nínú epo kó lè jinná. Ibẹ̀ ló ti ń mu epo sí i.

Àmọ́ ẹ̀wà tó ti ṣàn kò ṣe é pò. Awọ tó yẹ kó di afẹ́fẹ́ mú á ti fẹ́lẹ́ jù, àkàrà á tẹ́ pẹlẹbẹ nínú agbada, omi á máa hó jáde lára rẹ̀, epo á sì máa wọlé rọ́pò omi. Ká ní ife ẹ̀wà gbígbẹ 2 lẹ rẹ. Omi tútù ni kí ẹ fi bó o, nítorí omi gbígbóná ń ba purotéènì yẹn jẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá bó o tán, ẹ tún un rẹ títí á fi rọ̀ dénú, kí ẹ sì dà á sínú asẹ́ kó ro dáadáa. Omi bí ìdajì ife ti tó láti fi lọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ sì máa ta á sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ alọta lẹ gbé e lọ, ẹ dúró tì í, nítorí wọ́n fẹ́ràn láti bu omi sí i kí ẹ̀rọ lè yá. Èyí tó dára máa ń já bọ́ lára ìgbakọ ní ìṣù, kì í dà ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀. Bó bá ti ṣàn, ẹ má ṣe fi fúláwà gbà á là. Á ki lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkàrà rẹ̀ á wúwo. Ẹ sọ ọ́ di mọ́ínmọ́ín, òun ló fẹ́ omi.

Ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ dín lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ bù sínú odó tàbí abọ́ jíjìn. Ẹ fi ọmọ odó tàbí orógùn máa gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Àwọn kan ní apá ọ̀nà kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ máa rò ó sí. Èmi ò rí ohun tí ìyẹn fi kún un, gbígbé e sókè ni iṣẹ́ wà. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí á fi funfun sí i, tí á sì wú nínú abọ́. Bó bá dúró pẹ́, afẹ́fẹ́ á tún máa jáde, nítorí náà ẹ tún un pò díẹ̀ kí ẹ tó dín ìpele tó kàn.

Iyọ̀ àti àlùbọ́sà kẹ́yìn, nígbà tí epo ti gbóná tán. Iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára àlùbọ́sà, ọbẹ̀ lẹ̀ẹ́ máa bá nínú abọ́ bí ẹ bá fi wọ́n sí i ṣáájú. Ata tí a fi omi lọ̀ náà kì í ṣe ata nìkan, ẹ ka omi rẹ̀ mọ́ ìdajì ife yẹn.

Epo gbọ́dọ̀ jìn tó kí àkàrà lè léfòó. Ẹ kán díẹ̀ sí i: bó bá jókòó sísàlẹ̀, epo ò tíì gbóná, bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ dín iná kù, bó bá yára gòkè pẹ̀lú ariwo, ẹ máa dín in. Ẹ má kó o kún agbada, nítorí ẹ̀wà tútù tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á mú epo tutù, ẹ̀yìn àkàrà ò sì ní tètè gan. Nígbà tí ẹ bá kó o jáde, ẹ tò ó sórí asẹ́, kí wọ́n má gun ara wọn. Epo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wọ inú bó ṣe ń tutù, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ro nígbà tó ṣì gbóná.