Búkìn ti wà lórí sáìtì sálúùnù yín, kí ló dé tí fóònù ṣì ń dún?

Èmi máa ń bá àwọn onísálúùnù ṣe sáìtì, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò fún mi: ọwọ́ àwọn wà nínú irun, fóònù ò sinmi. A á wá gbé búkìn sí i, kí kọ́sítọ́mà lè fúnra ẹ̀ mú àkókò lórí sáìtì, kò ní pẹ́, ìpè á tún bẹ̀rẹ̀. Àkókò tí sáìtì ń fún kọ́sítọ́mà ni kì í jóòótọ́, ẹni tó bá sì ti fojú winá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní kúrò nílé mọ́ láìkọ́kọ́ pè.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi wákàtí kan sí gbogbo irun, torí bí búkìn ṣe wà nígbà tí wọ́n gbé e wọlé nìyẹn, wọn ò sì yí i. Ẹ wo ìyá kan n'Ìbàdàn, onídìrí méjì ló ní. Ṣúkú ò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ bíréèdì kéékèèké tí wọ́n fi àtáṣímẹ́ǹtì dì, wákàtí márùn-ún gbáko ni. Ní Sátidé kan sáìtì gba ẹni méjì sí aago mẹ́sàn-án, méjì sí mẹ́wàá, méjì sí mọ́kànlá, bíréèdì sì ni gbogbo wọn fẹ́ dì. Méjì àkọ́kọ́ tán láago méjì ọ̀sán, méjì tó tẹ̀ lé wọn á tán láago méje alẹ́, àwọn tó kù ńkọ́? Ariwo yẹn, ẹ ò lè gbọ́ ọ kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín.

Kí irun kọ̀ọ̀kan ní àkókò tiẹ̀. Ẹ má bi onídìrí léèrè o, á ní wákàtí mẹ́ta ni, ẹ fi aago wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wá fi ìṣẹ́jú 15 lé e kó lè gbálẹ̀ kó sì jẹun. Kẹ́ ẹ sì fi fọ́tò sí i níwájú orúkọ irun, torí "irun dídì" lásán, oníkálùkù ló mọ ohun tó fi ń pè.

Èkejì ni ìwé méjì. Sáìtì wà níbì kan, nọ́tíbúùkù wà lórí tábìlì, ẹni tó pè tàbí tó kàn yà wọlé ń wọ nọ́tíbúùkù nìkan, sáìtì wá ń ta àyè tó ti tán. Bó bá jẹ́ fóònù lẹni náà fi pè, inú búkìn yẹn náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kó tó gé fóònù.

Aago wá ni ìkẹta. Sáìtì tí wọ́n fi WordPress ṣe, UTC, ìyẹn aago tí gbogbo àgbáyé fi ń ṣírò tiwọn, ló sábà máa ń wà lórí ẹ̀, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú ìyẹn. Tí kọ́sítọ́mà bá mú aago mẹ́sàn-án tí mẹ́sèèjì ṣọ́ọ̀bù wá ń sọ pé mẹ́jọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò, ní Settings, General, Timezone, kẹ́ ẹ mú Lagos.

Kẹ́ ẹ tó fi líǹkì sórí Wasáàpù, ẹ fi fóònù ẹlòmíì mú bíréèdì aago mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ onídìrí kan, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú láti mú onídìrí yẹn náà láago mẹ́wàá. Bó bá gbà fún yín, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní líǹkì yẹn.