Kéèkì eléso fún ìnáwó: bí a ṣe ń rẹ èso, bí a ṣe ń fún kéèkì lọ́tí mu, àti bó ṣe máa pẹ́ nínú ooru Èkó

Kéèkì eléso tó dúdú, èyí tí wọ́n ń gé fún àlejò níbi ìgbéyàwó, kì í ṣe pé ọtí inú ẹ̀ kéré ló jẹ́ kó máa bu. Omi ló ń bà á jẹ́. Ibi tí omi bá wà ni nǹkan tó ń bu oúnjẹ ti ń rí ibi hù, torí náà gbogbo ohun tí a máa ṣe láti ìgbà tí a bá ra èso, ká fi sọ́kàn pé a ò fẹ́ omi, ọtí líle àti súgà la fẹ́.

Ká ní ìgbéyàwó bọ́ sí Sátidé kejì nínú oṣù Disẹ́ńbà, kéèkì roboto ínṣì 8 sì ni. Ìparí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà la ti máa rẹ èso, ìparí Ọ̀tóbà la máa yan án. Èso yẹn tó kìlò 1 lápapọ̀: résíìnì gíráàmù 400, kọ́ráńtì 250, débínù tí a ti yọ kóró ẹ̀ 150, ṣẹ́rì pupa tó wà nínú súgà 100, àti èèpo ọsàn tí wọ́n fi súgà sè 100. Ní Òkè-Àrin tàbí Mushin, ẹ lè rà á ní wíwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè kí ẹ ṣà á dáadáa, torí iyanrìn àti igi kékeré máa ń wà nínú ẹ̀.

Ẹ fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́, ẹ nù ún, ẹ fi sábẹ́ fáànù títí ó fi máa gbẹ pátápátá, kó dà bí ìgbà tí ẹ rà á. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Tí omi bá kù lára ẹ̀, ó máa la ọtí yẹn, èso á bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ìgò, tí ẹ bá ṣí ìdérí ẹ máa gbọ́ “ṣìì” kó sì máa rùn bí ọtí burúkutú, ìyẹn ti kan, ẹ dà á nù. Ṣẹ́rì náà, ẹ fọ omi súgà ara ẹ̀ kúrò, ẹ nù ún, ẹ gé e sí méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa rì sísàlẹ̀ kéèkì. Débínù, ẹ gé e kó rí bíi résíìnì.

Ìgò gíláàsì onídèérí ni kí ẹ lò, kí ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí ó sì gbẹ. Ẹ da èso sí i, ẹ da bùráńdì tàbí rọ́ọ̀mù mìlì 300 lé e, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn kì í dé. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì-mẹ́ta ẹ yí ìgò náà sókè-sísàlẹ̀, tí èso bá ti mu ọtí tí ti òkè fi gbẹ, ẹ fi díẹ̀ kún un. Bùráńdì tó ní ọtí 40 nínú 100 ni mò ń sọ o, ẹ wo ara ìgò. Wáìnì pupa táwọn kan ń lò, ọtí tó wà nínú ẹ̀ kì í sábà ju 12 sí 14 nínú 100 lọ, ó dáa fún kéèkì tí a máa jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò lè gbé kéèkì dé oṣù méjì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yan án, ẹ sẹ́ èso náà nínú asẹ́, ẹ tọ́jú ọtí tó bá jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa fún kéèkì lọ́tí mu. Bọ́tà gíráàmù 225, súgà bíráùn 225, ẹyin 5, fúláwà 225, nọ́tímẹ́ẹ̀gì àti sínámọ́nì díẹ̀, ṣíbí ńlá kan súgà tí ẹ ti sun dúdú. Ẹ mú fúláwà díẹ̀ nínú ti gíráàmù 225 yẹn, ẹ fi po èso kó má baà rì. Bẹ́kìn páúdà, ìdajì ṣíbí kékeré tó, tó bá pọ̀ àárín ẹ̀ máa wú, á sì là. Ẹ tẹ́ bébà ìlọ́po méjì sínú páànù, ẹ tún so bébà bíráùn mọ́ ara páànù níta, torí ófùnù gáàsì ilé wa máa ń gbóná jù lábẹ́. Iná 140°C ni, wákàtí 3 sí 3 àti ààbọ̀. Tí orí ẹ̀ bá ti ń dúdú jù, ẹ fi bébà bò ó. Ẹ fi igi súyà tinrin gún àárín ẹ̀, tó bá jáde láìní fúláwà tútù lára, ó ti jinná. Kéèkì tí àárín ẹ̀ ò tíì jinná, kò sí bùráńdì tó lè gbà á là.

Ẹ jẹ́ kó tutù nínú páànù títí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dì í, torí ooru tó bá ṣì wà nínú ẹ̀ máa di omi lábẹ́ bébà. Ẹ fi igi tinrin gún orí àti ìdí ẹ̀ káàkiri, ẹ rọra fi ṣíbí ta ọtí lé e. Ṣíbí ńlá 1 tàbí 2 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún kéèkì ínṣì 8, ẹ máa yí i, ọ̀sẹ̀ yìí orí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ìdí. Ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ń da ìdajì ife sí i lẹ́ẹ̀kan, ọtí á dúró sí ìdí, ibẹ̀ á rọ̀ bíi pápù, orí á sì gbẹ. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó sì ń jáde, ẹ fo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Bébà ìyan-kéèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dì í, kí ẹ tó wé fọ́ìlì lé e. Ẹ má jẹ́ kí fọ́ìlì kan kéèkì fúnra ẹ̀, kíkan inú èso máa ń jẹ ẹ́ lójú, ihò wẹ́wẹ́ á wá yọ lára ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sínú kúlà tó gbẹ, ẹ dé e, nínú yàrá tó tutù jù nílé. Kúlà kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè wọlé. Ẹ gbé kúlà náà sórí àwo tí omi wà lábẹ́ ẹ̀, kí èèrà má baà débẹ̀. Fíríjì ò dáa fún un ní Èkó, torí tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n tún dá a padà, omi á máa kán sára bébà, ibẹ̀ ló ti máa ń bu.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tí ẹ bá ṣí i, ẹ wò ó. Tí ẹ bá rí nǹkan tó dà bí òwú, funfun tàbí aláwọ̀ ewé, tàbí tí òórùn ẹ̀ bá ti kan, ẹ dà á nù pátá, ẹ má gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ sì máa jẹ ìyókù. Ẹ dáwọ́ ọtí dúró ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lẹ másípánì mọ́ ọn kí ara ẹ̀ gbẹ, kí áísìn má baà yí àwọ̀. Nínú ooru wa, èmi ò ní fi sílẹ̀ kọjá oṣù 3 lẹ́yìn yíyan, àfi tí ẹ bá ní fírísà tí iná ẹ̀ kì í lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan ọtí, ẹ fi oje ọsàn tàbí tíì dúdú tó ti tutù rẹ èso mọ́jú nínú fíríjì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi oje fún kéèkì náà mu lẹ́yìn tó bá ti jinná, omi ni. Ọjọ́ 3 tàbí 4 péré ló lè lò níta, torí náà ọ̀sẹ̀ ìnáwó gan-an ni kí ẹ yan án, tàbí kí ẹ dì í sínú fírísà kí ẹ sì gbé e jáde lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, láìtú bébà ara ẹ̀ títí yìnyín á fi yọ́ tán.