Ká Lọ Fíìdì Fúnra Ẹni ni, àbí Ká Rà Á?

Olóko adìyẹ tó ní ẹ̀rọ ìlọfíìdì la kọ ìwé yìí fún. Bí wọ́n ṣe ń po fíìdì kò sí nínú ẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Ìṣirò tí ẹ ń ṣì ṣe kí ẹ tó pa ẹ̀rọ tì la bá wá.

Ẹgbẹ̀rún adìyẹ tó ń yé ẹyin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ gíráàmù 120 lójúmọ́, á jẹ kílò 3,600 lóṣù. Àpò 144 nìyẹn, kílò 25 nínú àpò kan. Ká sọ pé ₦15,000 ni wọ́n ń ta àpò kan. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ fúnra yín, àgbàdo, sóyà, èèrí, àwọn èròjà yòókù àti díísù á gba ₦14,200. Èrè ₦800 lórí àpò kan, ₦115,200 lóṣù.

Ibi tí ẹ ti ń ṣì í rèé. Ẹ ó yọ owó oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ₦60,000. Ó dáa. Ẹ ó tún yọ ₦25,000 lóṣù nínú owó yàrá tí ẹ ti san sílẹ̀ fún ọdún méjì, àti ₦40,000 tí ẹ pín owó ẹ̀rọ sí lóṣooṣù. Ó di àdánù ₦9,800, ẹ ní kí wọ́n máa gbé fíìdì wá. Ṣé onílé á dá owó yàrá padà torí ẹ ò lọ fíìdì mọ́ ni? Owó ẹ̀rọ ńkọ́? Ó ti lọ! Iye tí ẹ bá lè ta ẹ̀rọ náà lónìí nìkan ló yẹ kí ẹ kà, ká sì sọ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Owó oníṣẹ́ nìkan lẹ ò ní san mọ́ bí ẹ bá pa ẹ̀rọ tì, nítorí náà lílọ̀ ọ́ fúnra yín lérè ju rírà lọ ní ₦55,200.

Ẹ má tíì yọ̀. Bí alágbàdo kan bá fẹ́ fi yàrá náà ṣe ibi ìkẹ́rù ní ₦70,000 lóṣù, tí onílé sì fọwọ́ sí i, owó tí ẹ̀rọ ń dí lọ́wọ́ nìyẹn. Rírà ti fi ₦14,800 sàn jù. Àmọ́ kí alágbàdo kọ́kọ́ sanwó o. Ìlérí ẹnu ò sí nínú ìṣirò. Bí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ yàrá, òdo ni kí ẹ kọ síbẹ̀.

Ẹ tún wo oníṣẹ́ yẹn dáadáa. Bó bá jẹ́ òun náà ló ń kó ẹyin, tó ń gbá ìgbẹ́ adìyẹ, ṣé ẹ máa lé e lọ? Bí ẹ ò bá ní lé e, ₦60,000 rẹ̀ ò dín rárá. Èrè lílọ̀ á padà sí ₦115,200. Ẹ yọ ₦70,000 alágbàdo, ó ku ₦45,200. Ẹ máa lọ fíìdì yín nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí owó yàrá bá pé, ẹ tún un ṣírò. Ìgbà yẹn ni ₦25,000 wọ inú ẹ̀, torí ẹ lè kọ̀ láti san án. Ṣùgbọ́n ẹ má ka òun àti owó alágbàdo pọ̀, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni kí ẹ kà, ẹ ò lè dá yàrá padà fún onílé kí ẹ tún máa gbowó lórí ẹ̀.