Ẹ Ṣírò Oúnjẹ Adìẹ Kí Ẹ Tó Fún Òwò Ní Máàkì

Ìdílé tó wà ní Kubwa, Nyanya tàbí Gwagwalada, tó ní òwò mẹ́ta lọ́kàn tí owó rẹ̀ kò sì tó ju ẹyọ kan lọ, ni a kọ ìwé yìí fún.

Ẹ ṣí Excel tàbí Google Sheets lórí fóònù. Ní ìlà kìíní, láti B dé E, ẹ kọ owó, ìmọ̀ iṣẹ́, àkókò àti ibi. Ìlà kejì ni ìwọ̀n: 4 fún owó, 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Ẹ kọ ìwọ̀n náà kí ẹ tó fún òwò kankan ní máàkì, torí ẹni tó bá kọ ọ́ lẹ́yìn á gbè sẹ́yìn èyí tó ti wù ú tẹ́lẹ̀. Òwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí ìlà 3 sí 5, pẹ̀lú máàkì 1 sí 5.

Òpó owó ni àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe. Ẹ má ṣírò ohun tí ẹ fẹ́ rà nìkan. Ẹ ṣírò gbogbo owó tó máa jáde títí di ọjọ́ tí ẹ ó kọ́kọ́ rí owó gbà. Bí kò bá ju ìdajì owó ọwọ́ yín lọ, máàkì 5. Dé ìdá 70 nínú 100, 4. Dé ìdá 85, 3. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé gbogbo rẹ̀, 2. Bó bá ju gbogbo rẹ̀ lọ, 1.

Ká ní ìdílé kan ní Kubwa ní ₦400,000. Wọ́n kọ ₦180,000 sí ẹ̀gbẹ́ adìẹ bùrọ́ílà: ọmọ adìẹ 100, ilé wọn, ìkòkò omi. Máàkì 5 nìyẹn. Àmọ́ adìẹ 100 máa jẹ nǹkan bí báàgì oúnjẹ 18, oní-kìlógíráàmù 25, kí ọ̀sẹ̀ 8 tó pé. Nígbà tí oúnjẹ, oògùn àti èédú wọlé, ó di ₦520,000. Máàkì wálẹ̀ sí 1.

Èlùbọ́ títà gba ₦270,000, aṣọ rírán ₦330,000. Bí wọ́n ṣe fún wọn ní máàkì nìyí, láti owó dé ibi: adìẹ 1, 5, 5, 5, èlùbọ́ 4, 3, 2, 3, aṣọ 3, 2, 3, 4. Bí ẹ bá sọ máàkì kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, tí ẹ sì ro wọ́n pọ̀, adìẹ 34, èlùbọ́ 32, aṣọ 30. Adìẹ tí wọn ò lówó rẹ̀ ṣì ló léwájú! Ìdí nìyí tí a fi ń ní kí ẹ tẹ èyí sí F3, kí ẹ sì fà á dé F5:

```
=IF(MIN(B3:E3)=1,0,SUMPRODUCT($B$2:$E$2,B3:E3))
```

Òwò tó bá gba 1 níbikíbi di òdo, ó ti jáde. Ẹ má yọ àmì $ kúrò. Bí ẹ bá yọ ọ́, ìlà ìwọ̀n á máa sún wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á, èsì F4 àti F5 á sì jẹ́ irọ́. Ẹ fọwọ́ ṣírò ìlà 5 lẹ́ẹ̀kan kí ẹ fi mọ̀.

Ó ku èlùbọ́ 32 àti aṣọ 30. Ẹ yí ìwọ̀n owó sí 3, ti ibi sí 3, kí ẹ wò ó bóyá èlùbọ́ á ṣì léwájú. Àwọn méjèèjì di 31. Ibi ló máa pinnu nìyẹn, máàkì tí wọ́n sì kọ síbẹ̀, àbá lásán ni. Kí wọ́n lọ sí ọjà Kubwa láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ní ọjọ́ iṣẹ́ kan àti ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n ka iye ẹni tó ń ta èlùbọ́ àti iye ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán tó wà nítòsí ibi tí wọ́n fẹ́ gbà, kí wọ́n tó wá tún máàkì E4 àti E5 kọ.