Fídíò kàtúùnù ìṣẹ́jú mẹ́ta: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣírò ọjọ́ àti owó ẹ̀

Kílááǹtì pè yín pé àwọn fẹ́ kàtúùnù ìṣẹ́jú mẹ́ta tó máa kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ wà: ẹni tó ń kọ̀wé tó tún ń gé fídíò, ẹni tó ń yàwòrán, ẹni tó ń mú àwòrán rìn. Ẹ má tíì dárúkọ iye kankan o.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ná. Ẹ má ka wóòdù, torí wóòdù Yorùbá kéékèèké ni, á tàn yín jẹ, ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ fi fóònù ká àkókò, tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú méjì àti 40 sẹ́kọ́ńdù ẹ gé e, èèyàn gbọ́dọ̀ ráyè wo ṣíbí tẹ́ ẹ fi ń wọn iyọ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ gba ohùn yẹn sórí fóònù, ẹ to àwòrán játijàti lé e lórí, kó gùn tó 180 sẹ́kọ́ńdù gẹ́lẹ́. Ánímátììkì nìyẹn. Ibí ni kílááǹtì ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, lórí ìwé. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá ní ká fi ife rọ́pò ìgò nígbà tá a ti ṣe tán, 40 sẹ́kọ́ńdù la dà nù, ọjọ́ méje sì bá a lọ, kọ́bọ̀ kan ò wọlé lórí ẹ̀.

Ẹ wá mú ibì kan tí ò le jù tí ò sì rọrùn jù, bí ọwọ́ tó ń bu ṣúgà, kẹ́ ẹ ṣe é parí pátápátá. Tí sẹ́kọ́ńdù 12 bá gba ọjọ́ méjì, mẹ́fà lójúmọ́ nìyẹn, 180 máa gba 30 ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko tẹ́ ẹ bá ń sinmi Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ṣebí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni" rẹ́ yín jẹ.

Owó ti wá rọrùn. Ká ní ₦15,000 lẹ fẹ́ san fún ẹnì kan lójúmọ́: ẹni tó ń mú un rìn 30 ọjọ́, ₦450,000, ayàwòrán 12 ọjọ́, ₦180,000, òǹkọ̀wé ọjọ́ mẹ́jọ, ₦120,000. Ẹ fi ₦40,000 ẹni tó máa sọ̀rọ̀ kún un, àti ₦60,000 dátà àti epo jẹnẹrétọ̀, ó di ₦850,000. Ẹ lé ìdá 15 nínú 100 lé e fún àtúnṣe, ₦977,500.

Epo yẹn ẹ má fojú kéré ẹ̀. Sẹ́kọ́ńdù kan jẹ́ férémù 24, ìyẹn àwòrán 24 tó ń tẹ̀ lé ara wọn, àpapọ̀ 4,320, tí kọ̀ǹpútà yín bá ń lo 20 sẹ́kọ́ńdù láti rẹ́ńdà ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn láti sọ ọ́ di àwòrán tó parí fún fídíò, wákàtí 24 gbáko ni. Tí ẹ bá rí àṣìṣe kékeré kan, ẹ rẹ́ńdà apá ibẹ̀ nìkan, ẹ má padà sí ìbẹ̀rẹ̀.