Ẹ má torí CCA ńlá ra bátìrì níbi tí ooru ti ń mú

Ẹ wo ara bátìrì mọ́tò, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ CCA sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bíi 520 tàbí 640. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú èyí tó tóbi jù, wọ́n ní òun ló lágbára jù. Àmọ́ inú òtútù ni wọ́n ti wọn nọ́ńbà yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà ni pé wọ́n á gbé bátìrì sínú òtútù -18°C, wọ́n á wo iye ámúpù tó lè tú jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 láìjẹ́ kí fóòtì rẹ̀ wálẹ̀ ju 7.2 lọ. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á ti ki, bátìrì fúnra rẹ̀ á sì ti lọ́ra. Níbi tí ooru ti ń mú, ọ́ìlì ń ṣàn, stáátà kò sì ní wàhálà púpọ̀ láti yí ẹ́ńjìnnì. Kí wá ni 640 ọ̀hún fẹ́ ṣe?

Ó lè pa yín lára pàápàá. Bí àpótí bátìrì méjì bá dọ́gba, pléètì òjé tó pọ̀ tó sì tín-ín-rín ni wọ́n sábà máa ń kó sínú èyí tí CCA rẹ̀ ga. Ooru máa ń jẹ́ kí ásíìdì tètè jẹ òjé. Àwọn tó mọṣẹ́ gbà pé bí ooru bá fi 10°C lé sí i, ẹ̀mí bátìrì á dín kù tó ìdajì. Pléètì tó tín-ín-rín ló máa kọ́kọ́ jẹ tán. Omi inú rẹ̀ náà á máa gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ tó wú, tàbí omi tó ń lọ sílẹ̀ lemọ́lemọ́, ni ẹ ó fi mọ̀.

Ká sọ pé ìwé ìlò tó bá mọ́tò yín wá ní kí CCA má dín ní 450. Bátìrì méjì wà níwájú yín, àpótí wọn dọ́gba: ọ̀kan ní CCA 520 àti RC 110, èkejì ní CCA 640 àti RC 95. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú. RC ni iye ìṣẹ́jú tí bátìrì fi lè gbé ẹrù ámúpù 25, ní nǹkan bíi 27°C, kó tó dé fóòtì 10.5. Ìyẹn ló sún mọ́ ohun tójú mọ́tò ń rí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà tí fáànù ẹ̀rọ amúlétutù àti iná ń fa iná lọ.

Ẹ má wá torí èyí ra ohun tó kéré sí 450 o, pàápàá bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì dísù. Ẹ tún ṣọ́ra fún CA lásán: 0°C ni wọ́n ti wọn ìyẹn, nítorí náà CA 640 kò ju nǹkan bíi CCA 510 lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo déètì tí wọ́n ṣe é, kí ẹ sì fi mítà kàn án. Bó bá wà nísàlẹ̀ fóòtì 12.4, ó ti pẹ́ níbi tó wà. Ẹ ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.